Fídíò àlejò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ìkànnì mi

Télọ̀ ni mí, Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo ní ìkànnì kan lórí YouTube tí mo fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ àti bí wọ́n ṣe ń rán an. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n ń wò mí dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ Subscribe kò tó nǹkan.

Fídíò kan wà tí èèyàn lè yàn fún ẹni tí kò tíì darapọ̀ mọ́ ìkànnì rẹ̀. Òkè pátápátá ni YouTube máa ń gbé e sí, bí àlejò bá sì ti ṣí ojú ewé ìkànnì náà, ó lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Fídíò àlejò ni mo máa ń pè é. Àwọn tó ti darapọ̀ kì í rí i, fídíò mìíràn ni wọ́n ń yàn fún wọn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe gùn tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Àmì ìkànnì mi ló kọ́kọ́ ń yí lójú, ìlù ń dún sí i. Lẹ́yìn náà ni mo kí gbogbo ayé, mo dárúkọ ara mi, mo sọ bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò ìyá mi àti ọdún tí mo gba fírídọ́ọ̀mù. Owó ni mo san kí wọ́n tó bá mi ṣe é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó ṣí ìkànnì mi lórí fóònù tirẹ̀. Ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀, ó wá gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, wọn ò tíì rán nǹkan kan o." Mo wo fóònù náà, fídíò ti dé ìṣẹ́jú àáyá 40. Òótọ́ ló sọ. Abẹ́rẹ́ kankan kò tíì kan aṣọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wọ YouTube Studio, mo ṣí Analytics fídíò náà. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń dúró tàbí bí wọ́n ṣe ń lọ. Tèmi já lulẹ̀ bí omi òjò láti orí páànù: kó tó di ìṣẹ́jú àáyá 15, ó ti ju ìdajì àwọn tó wọlé tí wọ́n ti jáde. Àmì tó ń yí àti ìkíni ni wọ́n rí. Wọn ò dé ibi tí mo ti ń sọ ohun tí mo ń kọ́ni.

Ẹ jẹ́ ká ro ti àlejò yìí wò. Kò ṣàdédé wá. Fídíò mi kan ló ti wò níbòmíràn, ó tẹ orúkọ mi láti mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ṣì wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: kí ni màá máa rí gbà níbí? Ìtàn ìkọ́ṣẹ́ mi kò dáhùn rẹ̀.

Kí n tó ṣe òmíràn, mo ní láti mọ ohun tó ń mú èèyàn darapọ̀, kì í ṣe ohun tí mo rò pé ó ń mú wọn. Nínú Analytics ìkànnì, èèyàn lè to àwọn fídíò rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ nípa iye ẹni tí fídíò kọ̀ọ̀kan mú tẹ Subscribe. Mo ti rò pé gèlè ni yóò ṣáájú, torí òun làwọn èèyàn ń wò jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wo gèlè, wọ́n ń lọ sóde ìnáwó wọn. Èyí tó mú wọn darapọ̀ ni fídíò kékeré kan tí mo ṣe lórí ọrùn bùbá tó ń fà, èyí tí mi ò kà sí rárá. Àwọn tó wò ó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ àti ẹni tó ń kọ́ aṣọ rírán nílé. Ìṣòro mìíràn ṣì ń dúró dè wọ́n lọ́la, nítorí náà wọ́n nílò mi lọ́la.

Orí ọrùn bùbá yẹn ni mo gbé fídíò tuntun kà. Ìṣẹ́jú àáyá 48 ni gbogbo rẹ̀. Kò sí àmì, kò sí ìkíni. Bó ṣe ń ṣí, bùbá àńkárá kan ló wà lórí tábìlì, ọrùn rẹ̀ wú, ó sì ń fà, ohùn mi wá ní: "Ṣé bí ọrùn tí ẹ rán ṣe ń rí nìyí?" Ọwọ́ mi wọlé, mo yí aṣọ padà, mo fi ẹnu àlùmọ́gàjí já etí aṣọ tó kù lẹ́yìn ojú ìrán ní wẹ́wẹ́ yí ọrùn náà ká, láìjẹ́ kó kan òwú. Mo yí i síta, mo fi áyọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ọrùn jókòó pẹ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 18 nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi mẹ́ta mìíràn kọjá fìrí: apá tó dógba, síìpù tí kò hàn, àpò kàfùtáànì.

Ìgbà yẹn ni ojú mi tó hàn. Mo dárúkọ ní ẹ̀ẹ̀kan, mo ní: "Bí ẹ bá ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, tí ọ̀gá yín kò ráyè ṣàlàyé ìdí, mo ń ṣàlàyé rẹ̀ níbí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, ìṣòro kan, títí yóò fi tán. Ẹ tẹ Subscribe kí t'Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ yín." Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bẹ̀bẹ̀, ìdí sì wà nínú ẹ̀bẹ̀ náà.

Ẹ ṣọ́ orin. YouTube kì í fi ìpolówó sí fídíò àlejò lójú ewé ìkànnì, àmọ́ bí orin olórin wà nínú rẹ̀ tí olórin náà sì ní tòun ni, ìpolówó lè jáde síwájú àlejò yín. Ohùn máṣíìnì mi ni mo fi sílẹ̀ lábẹ́ tèmi.

Láti gbé e síbẹ̀, ẹ wọ Customization nínú YouTube Studio, ẹ yan fídíò náà sí ibi tí wọ́n kọ Channel trailer sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìkànnì yín lórí fóònù ẹlòmíràn tí kò tíì darapọ̀, torí tiyín kò ní fi ohun tí àlejò ń rí hàn yín. Bí mo ṣe ṣe é ni mo rí i pé gèlè ló wà nísàlẹ̀ fídíò mi gan-an, nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ ọrùn bùbá lókè. Mo ní láti gbé àkójọ àwọn ìṣòro ìránṣọ wá síwájú.

Ìlà tuntun náà ṣì ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí fídíò tí tirẹ̀ kì í sọ̀. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì lọ tí wọ́n ń dé ibi tí mo ti dárúkọ. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í tilẹ̀ dé ojú ewé ìkànnì rárá, nítorí náà mi ò retí kí fídíò yìí dá iṣẹ́ gbogbo ṣe.

Ní oṣù tó kọjá, aṣọ àwọn oníbàárà pọ̀ jù, mi ò lè ṣe gbogbo Ọjọ́bọ̀ mọ́. YouTube kò gbà kí èèyàn fi fídíò mìíràn rọ́pò èyí tó ti gbé sókè lójú ibi kan náà, nítorí náà mo tún gba ohùn gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀, mo tò ó mọ́ ìyókù, mo gbé e sókè gẹ́gẹ́ bí tuntun, mo sì yàn án dípò ti àtijọ́. Ọjọ́bọ̀ méjì lóṣù ni mo ń sọ báyìí.