Iyán Tán Kí Kílósọ́ọ̀pù Tó Dé

Lísìtì ṣọ́ọ̀tì ni ìwé tí dárẹ́kítọ̀ ń to gbogbo ṣọ́ọ̀tì tó máa yà sí, síìnì tí èèyàn ti ń jẹun ló sì máa ń tú àṣírí èyí tí wọ́n fi ìkánjú kọ. Ọ̀rọ̀ ṣeé tún sọ, ẹkún ṣeé tún sun, àmọ́ òkèlè tó bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun kì í padà sínú abọ́ mọ́. Ẹ bi àwọn tó ya eré ní Ìkéré-Èkìtì yìí wò.

Ìwé eré wọn ti parí pátápátá, wọ́n ti fi nọ́ńbà sí gbogbo síìnì. Síìnì 14 gba ojú ìwé méjì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ (ìdá mẹ́jọ-mẹ́jọ ni a máa ń pín ojú ìwé eré sí, kí a lè mọ bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe pọ̀ tó). Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

SÍÌNÌ 14. INÚ ILÉ – PÁLỌ̀ BÀBÁ – Ọ̀SÁN
Bàbá ń jẹ iyán. Fẹ́mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá bi í léèrè ọmọ ta ni.

Fẹ́mi, tó wá tọrọ ọmọbìnrin Bàbá, máa dárúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ náà á sì jẹ́ ti ẹni tí òun àti Bàbá ti jọ ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ láti ọdún gbọ́ọrọ. Síìnì tó dáa ni. Ohun tí dárẹ́kítọ̀ kọ sínú lísìtì rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: “Wáìdì. Kílósọ́ọ̀pù Bàbá. Kílósọ́ọ̀pù Fẹ́mi.” Wáìdì ni àwòrán tí gbogbo yàrá ti hàn, kílósọ́ọ̀pù ni èyí tó sún mọ́ ojú. Ó ní ìyókù wà nínú orí òun.

Wọ́n gbé kámẹ́rà sẹ́nu ọ̀nà láti ya wáìdì. Fẹ́mi wọlé, ó dojú kọ Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó bá dojú kọ àgbà tó sì dọ̀bálẹ̀, ẹ mọ ohun tí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ máa rí. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìdí ṣòkòtò ló gba gbogbo iwájú àwòrán, Bàbá wà lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń jẹun lẹ́yìn òkè. Síbẹ̀ wọ́n yà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹrin.

Bàbá tí wọ́n gbà pé kó ṣe eré náà kì í ṣe ẹni tó ń fi iyán ṣeré. Kò sí ẹni tó sọ fún un orí ọ̀rọ̀ wo ló ti máa jẹun, ló bá ń jẹ lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Òkèlè mọ́kànlá ló gbé mì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin mọ́kànlá sì jẹ́ mẹ́rìnlélógójì. Kí kílósọ́ọ̀pù tirẹ̀ tó dé, iyán tí Màmá Alásè gún ti tán, odó ti gbẹ, Bàbá alára sì ti ń tòògbé lórí àga. Ọmọ tó ń gbé iná ní kí wọ́n fi ẹ̀bà dípò rẹ̀, pé tí iná bá tàn sí i dáadáa kò ní hàn. Èkìtì ni wọ́n wà o! Gààrí pupa ni wọ́n tún rí rà. Nínú wáìdì, iyán funfun nini. Nínú kílósọ́ọ̀pù, ẹ̀bà pupa wẹ́ẹ́. Màmá Alásè sì ní òun ò fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú eré náà mọ́.

Lísìtì tó yẹ síìnì yìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí kámẹ́rà. Ẹ mú báírò, ẹ ka síìnì náà, kí ẹ sàmì sí ibi tí nǹkan ti yí padà. Ibẹ̀ mẹ́ta ni: ìgbà tí Fẹ́mi wọlé tó sì dọ̀bálẹ̀, ìgbà tí Bàbá ní kó dìde jókòó, àti ìgbà tí orúkọ yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣọ́ọ̀tì tó bá sún mọ́ ojú jù lọ, ẹ fi pa mọ́ de ẹ̀kẹta. Tí kílósọ́ọ̀pù bá ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi ṣe ìdágìrì nígbà tí orúkọ bá jáde?

Ẹ wá pinnu, lórí ìwé, òkèlè tí Bàbá máa jẹ àti orí ọ̀rọ̀ tó ti máa jẹ ẹ́. Mẹ́ta péré tó. Ó gbé àkọ́kọ́ mì bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Ó gbé èkejì mì nígbà tí Fẹ́mi wà nílẹ̀ tí kò tíì dá a lóhùn, nítorí àgbà tó bá ń jẹun kì í kánjú fún ẹni tó wá tọrọ ọmọ. Ẹ̀kẹta dúró lójú òfuurufú nígbà tó gbọ́ orúkọ, kò sì dé ẹnu rárá. Ó dá a padà sínú abọ́. Ẹni tó ń mójú tó kọntinúítì, ìyẹn bí ṣọ́ọ̀tì kan ṣe bá èkejì mu, náà á rí ohun gidi kọ.

Lẹ́yìn èyí ni ṣọ́ọ̀tì ń kàn. Nọ́ńbà síìnì ló máa ń ṣáájú, a óò wá fi lẹ́tà tẹ̀ lé e, a sì máa ń fo I àti O kí ẹnì kan má baà kà wọ́n sí 1 àti 0. Síìnì 14 tí a tún kọ nìyí, pẹ̀lú bí ṣọ́ọ̀tì ṣe tóbi tó, ibi tí kámẹ́rà ti ń wò, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó parí sí:

14 – mástà, wáìdì. Kámẹ́rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tẹlifíṣọ̀n, Bàbá wà lápá òsì àwòrán, ilẹ̀kùn wà lápá ọ̀tún. Gíga rẹ̀ kò ju ojú ẹni tó jókòó lọ. Gbogbo síìnì.
14A – Bàbá, mídíọ̀mù láti ìbàdí sókè, abọ́ hàn. Kámẹ́rà wà nísàlẹ̀ díẹ̀, bí ojú ẹni tó wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí títí dé òpin.
14B – Bàbá, kílósọ́ọ̀pù, abọ́ kò hàn. Láti “Ọmọ ta ni ọ́?” títí dé òpin.
14C – ọwọ́ Bàbá àti òkèlè tó dúró lókè ọbẹ̀. Kámẹ́rà ń wo ìsàlẹ̀ láti òkè tààrà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.
14D – Fẹ́mi nílẹ̀, láti ẹ̀yìn èjìká Bàbá. Kámẹ́rà wà lókè, ó ń wò ó nílẹ̀. Láti ìdọ̀bálẹ̀ títí dé “Dìde.”
14E – Fẹ́mi lórí àga, kílósọ́ọ̀pù, kámẹ́rà bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Láti “Dìde” títí dé òpin.
14F – Ìyá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mídíọ̀mù, ó ń gbọ́ wọn. Kò sọ̀rọ̀.

Ẹ wo bí 14A àti 14D ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà tó wà nísàlẹ̀ ló sọ Bàbá di òkè, èyí tó wà lókè ló tẹ Fẹ́mi mọ́lẹ̀. Tí ó bá ti jókòó, 14E á bá ojú rẹ̀ dọ́gba, àwọn òǹwòran á sì mọ̀ pé ọmọ yìí ti di èèyàn nínú ilé náà, kí orúkọ tó wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Dárẹ́kítọ̀ tó bá kọ “kílósọ́ọ̀pù” nìkan láìkọ ibi tí kámẹ́rà ti ń wò, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ tún wà níbẹ̀. Ẹ fa ìlà kan nínú ọkàn yín láti ojú Bàbá dé ojú Fẹ́mi. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo ṣọ́ọ̀tì àwọn méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ ti wá, kí Bàbá máa wo ọ̀tún, kí Fẹ́mi máa wo òsì. Àwọn ará Ìkéré wa gbé kámẹ́rà kọjá ìlà náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dùn mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n tò ó pọ̀, bàbá àti àna ń wo ọ̀tún pọ̀, bí èrò méjì tó ń retí ọkọ̀ Adó lẹ́bàá títì. Ẹ ya àwòrán pálọ̀ kékeré kan sẹ́yìn lísìtì, kí ẹ fi ọfà sí ibi tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan máa dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ré ìlà kọjá á kọ́kọ́ rí i lórí ìwé.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá kọ́fárééjì yín tó, ìyẹn ni pé bóyá ẹ ní ṣọ́ọ̀tì mìíràn tí ẹ lè gé sí nígbà tí ẹ bá ń tò ó pọ̀. Ẹ fa ìlà gígùn wálẹ̀ lórí ìwé eré fún ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Níbi tí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá hàn, kí ìlà náà tọ́. Níbi tí kò bá hàn, kí ó wọ́. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́nà ìbú. Ọ̀rọ̀ tí ìlà kan ṣoṣo bá gbà kọjá ni ewu wà, nítorí pé tí ẹnì kan bá wúkọ́ níbẹ̀, kò sí ibi tí ẹ máa sá sí. Ọ̀rọ̀ tí ìlà mẹ́fà bá sì gbà kọjá ń jẹ àkókò àti iyán yín lásán. Nínú síìnì yìí, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan ni ẹni tó ń gé àwòrán máa fẹ́ nínú mástà. Tí ẹ bá ti yà á dé òpin lẹ́ẹ̀kan tó dára, ẹ lè máa dá a dúró lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀.

Ó ku ká ka òkèlè. Inú 14 àti 14A nìkan ni ẹnu Bàbá àti abọ́ ti jọ hàn nígbà tó ń jẹun. Nínú 14D, ọwọ́ rẹ̀ ló máa lọ sókè. Ẹnu rẹ̀ kò hàn, kò ní láti gbé nǹkan kan mì. Nínú 14B, Bàbá ti jẹun dákẹ́. Tí a bá ya 14 àti 14A lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, òkèlè méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, méjìlá péré ni gbogbo ẹ̀. Ẹ gún iyán kan tó máa wà lójú abọ́, ẹ pọ́n òkèlè méjìlá sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan láti máa fi dí ojú ibi tó bu jẹ, kí iyán má baà gbẹ lójú. Ẹ tọ́jú díẹ̀ gbígbóná fún 14C, torí ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti sún mọ́ ọn débi pé òǹwòran á mọ̀ tó bá ti tutù.

Ní ti bí ẹ óò ṣe tò ó ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ ya gbogbo ohun tó kọjú sí Bàbá tán, kí ẹ tó yí iná padà sọ́dọ̀ Fẹ́mi: 14, 14A, 14B, 14C, lẹ́yìn náà 14D àti 14E. 14F ló kẹ́yìn. Ẹ fi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, èyí á fún yín ní wákàtí mẹ́ta àbọ̀.

Wọ́n padà lọ tún síìnì náà yà pẹ̀lú lísìtì yìí. Màmá Alásè gbà kí wọ́n kọ orúkọ òun padà, iyán náà sì kù. Bàbá nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní òkèlè méjìlá látàárọ̀, ta ló ń pe ìyẹn ní oúnjẹ ní Ìkéré?