D yẹn, ọ̀nà méjì làwọn ọmọ gbà débẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí o, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà kẹ́místírì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ń máàkì ọ́bìjẹ́tífù lálẹ́, lẹ́tà lásán lèèyàn ń wò. Ìbéèrè mi nìyí: N2 + 3H2 → 2NH3, tí gíráàmù 6 haidirójìn bá di àmóníà tán, gíráàmù àmóníà mélòó la máa rí? H jẹ́ 1, N jẹ́ 14. A jẹ́ 4, B jẹ́ 34, C jẹ́ 51, D jẹ́ 68.

B ló gbà á. Ẹ fi 2 pín 6, ó di móòlù 3, móòlù 3 yẹn á fún wa ní móòlù 2 àmóníà, 17 lọ́nà méjì sì ni 34.

Mi ò kàn kó nọ́ńbà jọ fún àwọn yòókù o. Ẹni tó mú A rò pé gíráàmù ni 3 àti 2 tó wà níwájú. Ẹni tó mú C rí móòlù 3, ṣùgbọ́n kò wo ikuéṣọ̀n mọ́, ó ṣe 17 lọ́nà mẹ́ta. Ti D, mo ní ẹni yẹn fi 1 pín 6, kò mọ̀ pé méjì méjì ni haidirójìn máa ń so pọ̀.

Ọmọ 19 ló mú D! Inú bí mi. Odindi píríọ́dù ni mo fi kọ́ wọn ní H2, mo bá wọn wí gan-an, mo ní ṣé wọn ò rí 2 kékeré yẹn ni. Ìgbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, 2 lèmi fi pín in o. Mo rí móòlù 2 àmóníà, ṣùgbọ́n 2NH3 ni wọ́n kọ, 34 nìyẹn, mo wá ṣe 34 lọ́nà méjì." Ni àwọn kan bá ń pariwo, "Èmi náà sà!" Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lo 2 kan ṣoṣo, èmi wá ń bá wọn wí lórí nǹkan tí wọn ò ṣe.

Ìdánwò mìíràn ò wúlò mọ́ torí mo ti fi H2 kún etí wọn, mo kàn gba bébà tí wọ́n fi ṣírò. 15 nínú wọn ló fi 2 pín 6 dáadáa. Mo ṣàlàyé pé 2 iwájú NH3 ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ tán nígbà tá a rí móòlù 2, 17 la máa lò, ó sì yé wọn.

Kì í ṣe pé ìbéèrè mi burú, ṣùgbọ́n ẹ máa fi gbogbo ọ̀nà àṣìṣe ṣírò ọ́pṣọ̀n yín kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ H2 gangan lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ lo CuO + H2 → Cu + H2O, kò sí 2 níwájú omi níbẹ̀. Gíráàmù 4 haidirójìn máa fún wa ní omi 36, ẹni tó fi 1 pín in á rí 72. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìlà ìṣírò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, mo ń tún un sọ, ìlà kan péré.