Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ilé ọ̀fọ̀ àwọn Júù: ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú màmá Júù kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n kú, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ti sin wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ bó ṣe máa ń rí: ẹni tí ẹ wẹ̀ fún ní àárọ̀, kí ó di òkú ní alẹ́.

Láti ibojì ni àwọn ọmọ ti lọ jókòó ọjọ́ méje. Ṣífà ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "méje" ní èdè Hébérù. Bí àwa náà ṣe ń ka ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń ka tiwọn: ọjọ́ ìsìnkú ni ọjọ́ kìíní, torí náà ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ keje, bí wọ́n bá sì ti jókòó díẹ̀ ní òwúrọ̀ rẹ̀, ó parí.

Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ. Mo tẹ agogo ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ wọn ò ti ilẹ̀kùn. Mo gbé òdòdó lọ́wọ́. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo dígí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọmọ màmá obìnrin jókòó lórí àga kúkurú, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ya ní àyà òsì, níbi tí wọ́n ti fà á ya nígbà ìsìnkú. Kí n tó jókòó, mo ti bẹ̀rẹ̀: ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tù yín nínú, ẹ má sunkún mọ́, ẹni ọdún 89 kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, ọpẹ́ ló yẹ ká máa dá.

Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Mi ò tíì sunkún ìyá mi tó."

Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Bàbá kan rọra sún àga sí mi. Mo jókòó pẹ̀lú òdòdó lórí itan, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí mo bá mí. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi, nítorí pé òdòdó kì í ṣe àṣà wọn níbi ọ̀fọ̀. Ẹkún gbé mi lọ́fun, mi ò sì lè sun ún níwájú ẹni tí mo ní kó má sunkún.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní aláìmọ̀kan. Mo mọ oúnjẹ wọn, mo mọ Sábáàtì wọn. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá wọ ilé ọ̀fọ̀ tí kò lanu, ọ̀tá ni wọ́n ń pè é.

Aládùúgbò wọn kan ló sin mí dé ìta tó là mí lóye. Ó ní ìdí tí ilẹ̀kùn fi ṣí ni pé ọlọ́fọ̀ kì í dìde fún àlejò, kì í sì í kí àlejò. Wọlé, jókòó, dákẹ́, títí ọlọ́fọ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀. Ìwé Jóòbù ni wọ́n ti rí i: àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a jókòó sílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ ohunkóhun, òun ló kọ́kọ́ ya ẹnu. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìyà rẹ̀ fún un ni wọ́n bà á jẹ́.

Ohun tó kù kò ṣòro. Ẹ má lọ láàárín ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Sábáàtì wà lára ọjọ́ méje náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣọ̀fọ̀ ní gbangba. Tí ẹ bá fẹ́ gbé oúnjẹ lọ, ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kóṣà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ tó bá òfin àwọn Júù mu, kí ẹ má ṣí i. Ìkòkò ilé yín kò bá òfin wọn mu. Ẹ má pẹ́ jù, bí ọlọ́fọ̀ bá sì mi orí sí yín pé ó tó, ẹ dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí dáadáa, tó wá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bíi tèmi náà ló ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Mo padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mi ò tẹ agogo. Mo jókòó, mo dákẹ́. Ó tó bíi ogún ìṣẹ́jú kó tó kọjú sí mi, ó ní, "Ṣé ìyá mi ṣì ń bá ẹ jà nítorí tíì kí wọ́n tó kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní mo máa ń tètè yọ àpò tíì kúrò nínú ife. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tó mi orí, mo dìde, mo sì sọ ohun tí aládùúgbò kọ́ mi: kí Ọlọ́run tù yín nínú láàárín gbogbo àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ Síónì àti Jerúsálẹ́mù.