Garawa kọ́ ló ń yí púlì, okùn ni

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi,

Mo ti máàkì iṣẹ́ yín lórí àwọn nǹkan tó ń yí tán. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì ní Àkúrẹ́ níbí, ibi kan náà ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ mọ fọ́múlà dáadáa. Ipá tí ẹ ń kó sínú fọ́múlà náà ló ń ṣì yín lọ́nà.

Ẹ wo ìbéèrè kejì. Púlì kan wà lórí kànga, irú èyí tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn ilé ní Ọba-Ilé. Ó rí pẹlẹbẹ bí àwo, ó wọn kílò 4, láti àárín rẹ̀ dé etí sì jẹ́ mítà 0.20. Wọ́n wé okùn mọ́ ọn, wọ́n so garawa omi tó wọn kílò 6 mọ́ ìdí okùn, wọ́n wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Báwo ni ìyára garawa náà ṣe ń pọ̀ sí i? Ẹ fi g = 10 m/s² ṣe é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kọ ni mgR = Iα. I púlì jẹ́ ½MR², ìyẹn 0.08 kg m². Ẹ wá rí α = 150 rad/s², ẹ sọ ọ́ di a = αR = 30 m/s², ẹ sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn wò. Garawa tí okùn ṣì ń fà sẹ́yìn ń já wálẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta bí òkúta tí kò so mọ́ nǹkan kan! Ìgbàkígbà tí iye a bá ju g lọ nínú irú ìbéèrè yìí, ẹ padà sẹ́yìn.

Garawa kò fọwọ́ kan púlì rárá. Okùn ló fọwọ́ kàn án, nítorí náà ipá inú okùn, T, ló ń yí i. Bí T bá sì bá ìwúwo garawa dọ́gba, garawa ò ní yára sí i rárá. Ẹ ya àwòrán méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún garawa, ọ̀kan fún púlì, kí ẹ kọ ti oníkálukú:

```
garawa:  mg - T = ma
púlì:    TR = Iα
okùn:    a = αR
```

Ìlà kejì àti ìkẹta fún wa ní T = ½Ma, ìyẹn 2a. Ẹ fi sínú ti àkọ́kọ́: 60 - 2a = 6a. Nítorí náà a = 7.5 m/s², T sì jẹ́ 15 N. Ó kéré sí g, T náà kéré sí 60 N, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìlà kẹta yẹn dúró lórí pé okùn kò yọ̀ lórí púlì. Bó bá ń yọ̀, ẹ ò lè lò ó.

Bí garawa bá wà lápá méjì, kílò 6 níhìn-ín, kílò 2 lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe kọ T kan ṣoṣo. T kan ṣoṣo tọ́ nígbà tí ìbéèrè bá sọ pé púlì kò wúwo rárá. Púlì wa wúwo, ìyàtọ̀ àárín ìfà méjèèjì ló sì ń yí i: (T₁ - T₂)R = Iα. Ẹ máa rí a = 4 m/s², T₁ = 36 N, T₂ = 28 N.

Ìbéèrè kẹrin ló dùn mí jù, torí àwọn tó mọ̀wé gan-an ló ṣì í. Àgbá pẹlẹbẹ kílò 6 ń yí lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga ní dígíríì 30, kò yọ̀. Mo kọ μ = 0.5 síbẹ̀. Kíá, ẹ ti kọ f = μN = 26 N. μN ni ibi tí ìfarakanra lè ga dé. Kò sọ iye tó jẹ́ lásìkò yẹn. Ẹ jẹ́ kí f jẹ́ ohun tí ẹ ń wá: 30 - f = 6a, fR = ½mR²α, nítorí náà f = 3a. A rí a = 3.3 m/s² àti f = 10 N. Ìgbà yìí gan-an ni μ ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò: 10 kò tó 26, àgbá kò yọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá lo 26 máa rí a = 0.67 m/s², nígbà tí αR jẹ́ 8.7. Àgbá tí méjèèjì kò dọ́gba fún ti ń yọ̀ nìyẹn, ìbéèrè sì sọ pé kò yọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ mú ìbéèrè kẹrin wá fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ẹ fi òrùka tínínrín rọ́pò àgbá náà, I = mR². Bí f yín kò bá jẹ́ 15 N, ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán yín kí ẹ tó wo ìṣirò.