Ìró àkàrà

Lálẹ́ àná, mo pe ọkọ mi ní aago mẹ́sàn-án bí mo ṣe máa ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kò gbé e. Mo tún pè, àyà mi sì já. Aago mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kó tó pè padà: "Ìyá Ìbejì, má bínú, ibi iṣẹ́ ni mo wà."

Tòróńtò ló wà, Ìbàdàn ni mo wà. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n dá aago tiwọn padà sẹ́yìn, wákàtí márùn-ún tó wà láàárín wa sì di mẹ́fà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ mi ti di mẹ́ta ọ̀sán tirẹ̀, mẹ́ta àbọ̀ ló sì ń ṣíwọ́. A ti sún un sí aago mẹ́wàá títí di oṣù Kẹta.

A kì í pe ara wa lójoojúmọ́. A gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wa á máa tòògbé, ìjà ló sì ń dà. Ohùn la máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù báyìí, ẹni tó bá ráyè á gbọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń dín àkàrà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, mo sì ní kó má bínú sí ariwo epo. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì, nítorí ìró "ṣàà" tí àkàrà ń ké bó ṣe kan epo, àti àwọn ọmọ tó ń jà sí èyí tó kọ́kọ́ jinná. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin tí ẹnì kejì yín wà lókè òkun, ìró wo ni tiyín ń bẹ̀ yín fún?