Kúlà pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó

Níbi ìdána kan ní Kábà, mo ya ìyàwó níbi tó ti kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀. Omi ti lé rọ́rọ́ sójú ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ràn fọ́tò náà gan-an, àmọ́ ìbú ni mo yà á. Kúlà pupa kan wà lápá òsì, àwọn àga oníke tí wọ́n tò léra sì wà lápá ọ̀tún. Mo gbé e sórí Instagram, mo yan 4:5, ìyẹn ìbú mẹ́rin sí òòró márùn-ún, mo sì fi í sílẹ̀ bó ṣe gé e fúnra rẹ̀. Àárín gbùngbùn ló mú: ó gé ìgbọ̀nwọ́ ìyá ìyàwó dànù, ó sì dá ìdajì kúlà sí.

Màmá ìyàwó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ọmọ mi, òkun o. Ọwọ́ mi dà?"

Ó dùn mí. Mo padà sórí fọ́tò náà.

Fọ́tò tí kámẹ́rà mi yà jẹ́ 6000 píksẹ́lì níbùú, 4000 lóòró. Bí mo bá mú gbogbo òòró rẹ̀, 4:5 á gba 3200 nínú ìbú rẹ̀, 2800 á sì lọ. Ibi tí 2800 yẹn ti máa kúrò ló ṣe pàtàkì, torí kò pọn dandan kó jẹ́ ọgbọọgba lọ́tùn-ún lósì. Mo fi ìka wọ́ fọ́tò náà títí kúlà fi jáde pátápátá. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ àga yọjú lódìkejì. Mo wá dín férémù náà kù sí 3000 lọ́nà 3750 láìyí 4:5 padà, mo sì mú ohun tó dín kúrò lókè, níbi tí tapólì wà. Gèlè ṣì ní àyè lórí rẹ̀. Instagram ò nílò ju 1080 lọ́nà 1350 lọ, nítorí náà fọ́tò náà ò ní ṣe bàìbàì.

Létí fọ́tò, ìdajì nǹkan burú ju odindi lọ, torí ojú á máa wá ìyókù rẹ̀. Ṣáájú kí n tó fi ránṣẹ́, mo máa ń wo etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yípo, ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kì í sì í jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ fara kan etí gan-an: láti ọdún 2025, 3:4 ni ojú ewé ẹni lórí Instagram fi ń to fọ́tò, ó sì máa ń bu díẹ̀ jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4:5.

Mo kọ́kọ́ rò pé yíyà lóòró ló máa yanjú ẹ̀. Rárá o. Fọ́tò 4000 lọ́nà 6000 tí a gé sí 4:5 á di 4000 lọ́nà 5000. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló máa ń pàdánù. Ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́ á wà níbẹ̀ digbí. Nítorí náà, bí ẹ̀gbẹ́ bá kún fún ẹrù, ìbú ni mo ṣì ń yà, mo sì máa ń fi àyè bí ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀ láàárín ènìyàn àti ẹrù kí ọ̀bẹ lè ríbi gbà.