Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa àsìkò ìránnilétí nílé ìwòsàn ojú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ìdí ìwé àdéhùn àwọn aláìsàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣì í.

Nílé ìwòsàn ojú tí mo ti ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ máa ń wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí wọ́n fa iṣẹ́ ìránnilétí lé mi lọ́wọ́, mo ṣètò pé kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa lọ sórí fóònù kálukú ní wákàtí méjì ṣáájú àsìkò rẹ̀. Mo rò pé bó bá ṣe sún mọ́ àsìkò tó ni yóò ṣe wúlò tó. Síbẹ̀, àwọn aláago mẹ́jọ ààbọ̀ gan-an ni kì í wá jù. Mo ń dá wọn lẹ́bi títí mo fi jókòó wo àbọ̀ ìfijíṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo ní kó lọ ní aago mẹ́fà ààbọ̀, aago mẹ́jọ kọjá ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo MTN. Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń polówó ọjà ni à ń gbà, ọ̀nà yẹn kì í sì í jíṣẹ́ fún nọ́ńbà MTN láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di mẹ́jọ àárọ̀. Ẹni tó bá ti fi `STOP` ránṣẹ́ sí 2442 kò tilẹ̀ ní rí i rárá. Ọ̀nà mìíràn wà fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ìpolówó. Ẹ bi ilé iṣẹ́ tó ń bá yín fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé èwo lẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé `Sent`. Ohun tí ìyẹn ń sọ kò ju pé iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ yín lọ. `DELIVRD`, tó ń sọ pé ó ti dé orí fóònù onítọ̀hún, ni ẹ máa wá.

Mo tún ọ̀nà ṣe, àwọn kan ò sì wá síbẹ̀. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tí kò wá láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá kan ní òun rí iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n ọmọ òun tí ì bá sin òun wá ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Ẹ rántí pé nílé ìwòsàn ojú, wọ́n máa ń kán oògùn tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀ kí dókítà lè rí ẹ̀yìn ojú. Fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ìríran á ṣe bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ á máa gún ni lójú, kò sì yẹ kí onítọ̀hún wa ọkọ̀. Ta ló lè rí ẹni tí yóò sin òun láàárín wákàtí méjì? Bàbá kan ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan pé òun máa rìnrìn àjò, ojú ló ń ti òun láti pè wá. Ẹnì kẹta gbàgbé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Látìgbà náà ni mi ò ti ka wákàtí sẹ́yìn láti orí àdéhùn mọ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye àkókò tí ẹni yìí nílò láti ṣètò ara rẹ̀, lẹ́yìn náà, iye tí àwa náà nílò láti fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn bí kò bá lè wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ní àdéhùn ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bó bá ṣe gba àyè tán ni íméèlì á lọ: bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wa, kó mú awò ojú àti oògùn tó ń lò dání, kó wá ẹni tí yóò sìn ín. Íméèlì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, èèyàn sì lè padà wá a. Àmọ́ n kì í fi rán ẹnikẹ́ni létí ní ọjọ́ tó ṣíwájú àdéhùn, nítorí ọ̀pọ̀ kì í ṣí i lójoojúmọ́.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, WhatsApp á béèrè bóyá ó ń bọ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì méjì: mò ń bọ̀, tàbí n kò ní lè wá. Ọjọ́ Ẹtì ni mo yàn kí òpin ọ̀sẹ̀ lè wà fún un láti bá ọmọ tàbí aládùúgbò sọ̀rọ̀, kí àwa náà sì ní Ẹtì àti Ajé láti pe ẹni tó ń dúró de àyè. Ẹ jẹ́ kó lọ kí àkókò Jímọ̀ tó wọlé.

Mo ti dán alẹ́ Àbámẹ́ta wò rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn fèsì: ṣé mo lè wá ní Ọjọ́rú? Ṣé mo lè jẹun kí n tó wá? Kò sẹ́ni tó wà nídìí fóònù. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ajé, wákàtí mẹ́rìnlélógún tí WhatsApp fi máa ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́yìn tí oníbàárà bá kọ̀wé ti pé. Iṣẹ́ tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, tí Meta tó ni WhatsApp ti fọwọ́ sí, nìkan ló kù tí a lè fi ránṣẹ́. Ẹ má béèrè ìbéèrè lásìkò tí kò ní sí ẹni tí yóò gba ìdáhùn.

Ẹni tí kò bá fèsì títí di ọ̀sán Ajé, ẹ pè é. Àwọn tí kò fèsì nìkan ni o. Àkójọ ìwádìí kan tí àjọ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2013 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àdéhùn, nǹkan bí 68 ni àwọn èèyàn wá fún láìsí ìránnilétí, nǹkan bí 79 pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́, nǹkan bí 80 pẹ̀lú ìpè. Pípe gbogbo èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, ó sì ń jẹ àkókò.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ló kẹ́yìn, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ajé. Kò nílò dátà, fóònù alábọ́tìnì ń gbà á, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú jù láti wá owó ọkọ̀. N kì í tún rán ẹni tó ń bọ̀ láàárọ̀ létí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni aago méjì ọ̀sán ni mo máa ń fi tirẹ̀ sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

```
E ku irole. Ojo Isegun 14/10, aago 8:30 aaro ni a n reti yin. E mu eni kan dani. Bi e ko ba le wa, e pe wa lonii.
```

Ẹ rí i pé mi ò fi àmì sí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ẹyọ lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí `ẹ` tàbí `ọ` kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, ó di 70, ẹ ó sì san owó méjì tàbí mẹ́ta. Inú WhatsApp àti íméèlì ni mo ti ń kọ àmì sí ọ̀rọ̀ dáadáa.

Mi ò sì kọ "ọ̀la." Bí fóònù bá kú lálẹ́, iṣẹ́ náà lè dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, "ọ̀la" á wá di Ọjọ́rú lójú ẹni tó kà á. "Ọjọ́ mẹ́ta òní" tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wa máa ń ka òní mọ́ ọn, bí a ṣe ń ka ìtàdógún, nítorí náà ọ̀tunla ni wọ́n gbọ́, nígbà tí ọ̀dọ́ tó kọ ọ́ ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọ̀tunla lọ́kàn. Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ àti déètì.

Bí ẹnì kan bá yí ọjọ́ padà, ẹ pa gbogbo ìránnilétí tó ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ àtijọ́ rẹ́ kí ẹ tó ṣètò tuntun. Ẹ tún wo agogo kọ̀ǹpútà tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́: bí ó bá wà lórí `UTC` dípò `Africa/Lagos`, iṣẹ́ aago márùn-ún yóò lọ ní aago mẹ́fà.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń gba nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ bi ìyá tàbí bàbá pé fóònù ta ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ni. Ẹ má kọ orúkọ àìsàn sínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú ti àwọn yòókù, nítorí ọmọ náà ṣì máa pe ilé.